Èwo Ni Kó Ṣíwájú Nínú Atọ́ka?

Ọjọ́ tí oṣù ń parí ni obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka keje ilé iṣẹ́ àjò kan ní Ìbàdàn pè mí lórí fóònù. Àjò ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà: alájọ á bá oníbàárà ní ìsọ̀ rẹ̀, á gba owó, á tẹ iye rẹ̀ sínú fóònù, owó á sì wọ báǹkì kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí iye tí alájọ tẹ̀ àti iye tó dé báǹkì kò bá bára mu, ẹ̀rọ á kọ "yàtọ̀" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní òpin oṣù, ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní láti ṣí gbogbo èyí tó yàtọ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀, kó sì yanjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ó ní. "Ojú ìwé yẹn tún ti ń falẹ̀ o. Lọ́dún tó kọjá, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí ló ń ṣí. Ní báyìí mo lè dá oníbàárà méjì lóhùn tán kó tó jáde. Ẹ̀ka mi kò sì tóbi sí i, sà. Àwọn oníbàárà wa àná náà ni."

Gbólóhùn tó sọ kẹ́yìn yẹn ló mú mi ronú. Ẹ̀ka rẹ̀ kò tóbi sí i, síbẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ ń pẹ́ sí i. Ohun tó tóbi ni ilé iṣẹ́ náà lápapọ̀: ẹ̀ka mẹ́jọ ni wọ́n ní nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ yìí, wọ́n ti di ogójì. Bí ìbéèrè tó kan ẹ̀ka kan ṣoṣo bá ń falẹ̀ nítorí pé ẹ̀ka mìíràn ń pọ̀ sí i, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ń ka àkọsílẹ̀ àwọn ẹlòmíràn kó tó kan tirẹ̀. Mo ṣí dátábéèsì wọn wò. Mo rò pé n kò ní bá atọ́ka níbẹ̀ rárá. Mo bá a. Òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìbéèrè náà ń lò ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan kò sí tó ṣẹ́kù síta. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n ni kò dára.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ẹ jẹ́ kí n fi ìwé atúmọ̀ èdè ṣàlàyé ohun tí atọ́ka jẹ́, nítorí pé gbogbo òfin tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ló wà nínú ìwé yẹn. Ẹni tó bá ń wá "gbogbo" nínú atúmọ̀ èdè Yorùbá á kọ́kọ́ ṣí ibi tí gb wà, lẹ́yìn tí gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi g bẹ̀rẹ̀ ti tán. Láàrin àwọn gb, á wá o. Láàrin àwọn gbo, á wá gb mìíràn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń pín ìwé náà sí agbo ńlá. Lẹ́tà kejì ń pín agbo kọ̀ọ̀kan sí agbo kéékèèké. Ẹ̀kẹta ń pín ìyẹn náà. Lẹ́tà kejì kò ní ètò tirẹ̀ fún gbogbo ìwé. Inú agbo tí lẹ́tà àkọ́kọ́ ti pààlà fún nìkan ló ti wà létòlétò.

Ẹ wá béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ìwé kan náà. Àkọ́kọ́: ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn jẹ́ f, tí èkejì sì wà láti i dé o. Ẹ ó ṣí f, ẹ ó dé fi, ẹ ó sì máa kà lọ láìfo ìlà kan títí ẹ ó fi kọjá fo. Ojú kan ni gbogbo wọn dúró sí, wọ́n so mọ́ra bí ilé tó wà ní òpópónà kan ṣoṣo. Èkejì: ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn wà láti f dé j, tí èkejì sì jẹ́ i. Ìṣòro dé. Àwọn kan wà ní fi, àwọn kan ní gi, àwọn kan ní gbi, àwọn kan ní hi, àwọn kan ní ji, ọ̀rọ̀ tí ẹ kò fẹ́ sì kún àárín wọn. Ẹni tí kò ní ọgbọ́n fífò á ka gbogbo ojú ìwé láti f títí dé òpin j, á sì máa ju èyí tó pọ̀ jù lọ nù.

Ìbéèrè méjèèjì ní ẹ̀yà méjì: ẹ̀yà kan ní "jẹ́ èyí gan-an", ẹ̀yà kejì ní "láti ibí dé ibẹ̀". Ìwé kò yí padà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nínú èyí tó rọrùn, "jẹ́ èyí gan-an" ló bọ́ sí orí lẹ́tà tó ṣíwájú. Nínú èyí tó le, "láti ibí dé ibẹ̀" ló bọ́ síbẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá di èyí mú ti di ìdí ọ̀rọ̀ mú.

Atọ́ka tí dátábéèsì púpọ̀ ń lò lónìí, igi-B ni wọ́n ń pè é. Rudolf Bayer àti Edward McCreight ló gbé e jáde ní ọdún 1970, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ilé iṣẹ́ Boeing ní Amẹ́ríkà. Ẹ fojú inú wò ó bí atúmọ̀ èdè tí wọ́n gé sí ojú ìwé tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, tí ojú ìwé ìtọ́nà sì wà lókè wọn tó ń sọ pé "láti ibí dé ibí wà lójú ìwé báyìí". Nínú PostgreSQL, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílóbáìtì 8. Nínú MySQL, ó jẹ́ 16. Kọ̀ǹpútà á ti orí igi sọ̀kalẹ̀, á dé ojú ìwé tí ohun tó ń wá ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á máa kà lọ sápá ọ̀tún títí tí ohun náà á fi tán. Sísọ̀kalẹ̀ kò ná an ní nǹkan. Kíkà lọ sápá ọ̀tún yẹn ni owó wà. Nítorí náà ohun tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé: láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí, ìlà mélòó ló máa kà, mélòó nínú wọn la sì fẹ́?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn. Tábìlì wọn rí báyìí:

```sql
CREATE TABLE isanwo (
  id     bigint PRIMARY KEY,
  eka    int,
  ipo    text,         -- 'pe', 'duro', 'yato'
  akoko  timestamptz,
  iye    numeric
);
```

Ìbéèrè tí ojú ìwé ọ̀gá ẹ̀ka keje ń fi ránṣẹ́ sì nìyí:

```sql
SELECT id, iye, akoko
FROM isanwo
WHERE eka = 7
  AND ipo = 'yato'
  AND akoko >= '2024-03-01'
  AND akoko <  '2024-04-01';
```

Atọ́ka tí mo bá níbẹ̀:

```sql
CREATE INDEX atoka_a ON isanwo (akoko, eka, ipo);
```

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ ọ́ kò ṣe é láìronú. Ó ti kà á níbì kan pé òpó tí iye inú rẹ̀ bá yàtọ̀ síra jù lọ ni kó ṣíwájú nínú atọ́ka. Ipò mẹ́ta péré ló wà, ẹ̀ka ogójì ló wà, ṣùgbọ́n àkókò ń lọ dé ìṣẹ́jú àáyá àti ìdá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí méjì tó bára mu. Ó fi àkókò ṣíwájú. Ìmọ̀ràn yìí ti tàn kálẹ̀ láàrin àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ó sì ń dùn mí, torí ó dún bí ọgbọ́n, ẹni tó bá tẹ̀ lé e kò sì ní rí ìyà rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mo ti yí àwọn iye náà sí èyí tí kò ní kó ìdààmú bá ẹnikẹ́ni. Ká ní ẹ̀ka 40 ni, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní oníbàárà 1,000, oníbàárà kọ̀ọ̀kan sì ń san owó ní ọjọ́ 25 lóṣù. Àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù kan nìyẹn lóṣù. Ní ọdún méjì, ó di mílíọ̀nù 24. Ẹ̀ka keje nìkan ní 25,000 lóṣù. Ká ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń jẹ́ "yàtọ̀": èyí tí ọ̀gá ẹ̀ka keje ń wá fún oṣù kẹta jẹ́ 1,250. Ká tún gbà pé ìlà atọ́ka 250 ló ń gba ojú ìwé kan.

Pẹ̀lú `(akoko, eka, ipo)`, kọ̀ǹpútà á sọ̀kalẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Láti ibẹ̀, gbogbo owó tí gbogbo ẹ̀ka gbà ní oṣù náà ló tò tẹ̀ léra bí wọ́n ṣe ń wọlé: ẹ̀ka 12, ẹ̀ka 3, ẹ̀ka 31, ẹ̀ka 7, ẹ̀ka 12 lẹ́ẹ̀kan sí i. Òpó ẹ̀ka wà nínú atọ́ka lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú agbo tí àkókò wọn jẹ́ ọ̀kan náà nìkan ló ti tò, agbo bẹ́ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìlà kan lọ. Nítorí náà á ka ìlà mílíọ̀nù kan, ìyẹn ojú ìwé 4,000, láti mú 1,250 jáde. Nígbà tí ẹ̀ka jẹ́ mẹ́jọ, 200,000 ló ń kà. Ìdí tí ọ̀gá ẹ̀ka keje fi rí ìfàsẹ́yìn nìyẹn láìjẹ́ pé oníbàárà kan ṣoṣo lé sí i lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá yí i padà:

```sql
CREATE INDEX atoka_b ON isanwo (eka, ipo, akoko);
```

Ní báyìí, ẹ̀ka 7 ní agbo tirẹ̀. Nínú agbo yẹn, "yato" ní agbo tirẹ̀. Nínú ìyẹn, àkókò tò láti ìgbà àtijọ́ dé òní. Kọ̀ǹpútà á sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀ka 7, yato, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, á ka 1,250 ìlà tó so mọ́ra, á sì dúró. Ojú ìwé márùn-ún ni. Bí ẹ̀ka bá di irinwó lọ́la, márùn-ún náà ni.

Òpó mẹ́ta kan náà ni, ìwọ̀n atọ́ka kò sì yàtọ̀. Ìyàtọ̀ ni pé àwọn òpó tí ìbéèrè fi àmì ìdọ́gba bá sọ̀rọ̀ ṣíwájú, èyí tó ní "láti ibí dé ibẹ̀" sì kẹ́yìn. Òfin àkọ́kọ́ tí mo máa ń tẹ̀ lé nìyẹn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tíì já mi kulẹ̀: ìdọ́gba kọ́kọ́, àlàfo kẹ́yìn. Òpó àlàfo àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà bá bá pàdé ni ó ń fòpin sí agbára atọ́ka láti dín ibi tó máa kà kù. Ohun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́ láti ju ìlà nù, kò lè jẹ́ kó yẹra fún kíkà á.

Ẹ ó rí èyí dáadáa bí ẹ bá gbé ètò kẹta yẹ̀ wò, `(eka, akoko, ipo)`. Ẹ̀ka ṣíwájú, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àlàfo wọ àárín, ipò sì bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á ka 25,000 tí ẹ̀ka keje gbà lóṣù kẹta, ojú ìwé 100, á sì mú 1,250 jáde. Ó sàn ju 4,000 lọ fíìfíì, kò tó 5. Ẹni tó bá dán ètò yìí wò nìkan á rò pé òun ti ṣe é tán.

Ẹ lè béèrè pé láàrin ẹ̀ka àti ipò tí àwọn méjèèjì jẹ́ ìdọ́gba, èwo ló yẹ kó ṣíwájú? Ibí ni ìmọ̀ràn "èyí tó yàtọ̀ síra jù lọ" ti wó pátápátá. Àkọsílẹ̀ ẹ̀ka keje tó jẹ́ yàtọ̀ fún ọdún méjì jẹ́ 30,000. Bí ẹ bá to ẹ̀ka síwájú ipò, agbo "7, yato" ní 30,000. Bí ẹ bá to ipò síwájú ẹ̀ka, agbo "yato, 7" ní 30,000. Ẹni tó gba ọ̀nà mìíràn wọ Ìbàdàn àti ẹni tó wọ̀ ọ́ láti Mọ́níyà, Ìbàdàn kan náà ni wọ́n bá ara wọn. Fún ìbéèrè tó fi ìdọ́gba mú òpó méjèèjì, ètò láàrin wọn kò ní ipa kankan lórí iye ìlà tí a ó kà.

Ohun tó yẹ kó pinnu rẹ̀ ni àwọn ìbéèrè yòókù. Atọ́ka `(eka, ipo, akoko)` tún lè dáhùn ìbéèrè tó mẹ́nu ba ẹ̀ka nìkan, bí atúmọ̀ èdè ṣe lè fi gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gb hàn yín. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ipò nìkan, bí atúmọ̀ èdè kò ṣe lè kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà kejì wọn jẹ́ o jọ. Nílé iṣẹ́ yẹn, ìbéèrè márùn-ún ló ń mẹ́nu ba ẹ̀ka láìsí ipò: ọ̀gá ẹ̀ka kan kì í wo ẹ̀ka ẹlòmíràn. Kò sí ẹyọ kan tó ń béèrè ipò láìsí ẹ̀ka. Ẹ̀ka ló ṣíwájú. N kò wo iye tó yàtọ̀ síra rárá kí n tó pinnu ìyẹn.

Ọ̀nà wo lèèyàn máa fi mọ̀ pé atọ́ka òun ń ka ju bó ṣe yẹ lọ? Ní PostgreSQL, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú ìbéèrè yín:

```sql
EXPLAIN (ANALYZE, BUFFERS)
```

Ẹ ṣọ́ra níbí, torí ọ̀fìn kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń jìn sí. Bí mo ṣe fi atọ́ka àkọ́kọ́ yẹn dán an wò, ohun tó jáde, nígbà tí mo gé e kúrú, ní irú ìrísí yìí:

```
Index Scan using atoka_a on isanwo
  Index Cond: (akoko >= ... AND akoko < ...
               AND eka = 7 AND ipo = 'yato')
  Buffers: shared hit=310 read=4940
```

Ẹni tó bá wo ìlà `Index Cond` á ní kò sí wàhálà: gbogbo ohun tí ìbéèrè sọ ló wà níbẹ̀, a sì ń lo atọ́ka. Ṣùgbọ́n `Index Cond` kò sọ èyí tó dín ibi kíkà kù yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń ju ìlà nù nínú atọ́ka. Ó ń ka méjèèjì pọ̀. Ìlà tó ń sọ òótọ́ ni `Buffers`. Ojú ìwé 5,250 ni ó fọwọ́ kàn. Nínú rẹ̀, bíi 1,250 jẹ́ ti tábìlì fúnra rẹ̀, níbi tí àkọsílẹ̀ gangan wà, nítorí pé lẹ́yìn tí atọ́ka bá tọ́ka, kọ̀ǹpútà ṣì ní láti lọ gbé owó náà wá. Èyí tó ṣẹ́kù, 4,000, atọ́ka ló jẹ ẹ́. Lẹ́yìn tí mo yí ètò padà, gbogbo rẹ̀ wá sí nǹkan bí 1,260. `Index Cond` kò fi nǹkan kan yàtọ̀. Mo máa ń fi iye ìlà tó jáde wé iye ojú ìwé tí wọ́n kà: bí ojú ìwé bá pọ̀ ju ìlà lọ ní ìlọ́po mẹ́rin mẹ́rin, mo mọ̀ pé ètò òpó ni kí n kọ́kọ́ fura sí.

Kí ẹ má rò pé òfin ìdọ́gba-kọ́kọ́ ti parí ohun gbogbo, ọ̀nà kan wà tí ó ti máa ń le. Ọ̀gá ẹ̀ka náà ní ojú ìwé kejì, èyí tó máa ń ṣí láràárọ̀: ogún owó tó wọlé kẹ́yìn tí wọn kò tíì yanjú, yálà ó yàtọ̀ ni tàbí ó ṣì dúró.

```sql
SELECT id, iye, ipo, akoko
FROM isanwo
WHERE eka = 7 AND ipo IN ('duro', 'yato')
ORDER BY akoko DESC
LIMIT 20;
```

Bó bá jẹ́ pé ipò kan ṣoṣo ló béèrè, `(eka, ipo, akoko)` á dáhùn lọ́nà tó dùn mọ́ni: kọ̀ǹpútà á lọ sí òpin agbo náà, á ka ogún sẹ́yìn, ó parí. Àkókò ti tò fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò méjì nìyí, agbo méjì sì ni. Àkókò tò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tò nígbà tí ẹ bá pa wọ́n pọ̀. Ká ní "duro" jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Agbo méjèèjì jẹ́ 48,000 fún ẹ̀ka keje. Kọ̀ǹpútà á kó gbogbo 48,000 jọ, á tò wọ́n, á sì mú ogún péré nínú wọn.

Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, `(eka, akoko)` lè borí. Kọ̀ǹpútà á lọ sí òpin ẹ̀ka keje, á máa rìn padà sẹ́yìn, á máa wo ipò ìkọ̀ọ̀kan, títí ogún á fi pé. Bí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún bá jẹ́ ohun tó ń wá, á rí ogún lẹ́yìn nǹkan bí 250. Èyí kéré gan-an sí 48,000. Ìyẹn ni pé nígbà tí ìbéèrè bá ní `ORDER BY` pẹ̀lú `LIMIT` kékeré, òpó tó ń to nǹkan lè ní ẹ̀tọ́ láti ṣíwájú òpó tó ń yọ nǹkan sọ́tọ̀, bí èyí tó ń yọ sọ́tọ̀ kì í bá ṣe ìdọ́gba kan ṣoṣo.

Ewu rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ìṣirò 250 yẹn gbà pé ohun tí a ń wá fọ́n ká dọ́gba. Ká ní ọ̀gá ẹ̀ka keje jára mọ́ṣẹ́, tó yanjú gbogbo ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, tí kò ṣẹ́ ku ju mẹ́sàn-án lọ. Kọ̀ǹpútà á rìn padà, á rí mẹ́sàn-án, á ṣì máa wá mọ́kànlá yòókù kọjá oṣù mẹ́fà, ìyẹn 150,000 ìlà, kó tó kan èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀ka tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ jù lọ ni ojú ìwé rẹ̀ á falẹ̀ jù lọ! Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejèèjì ló sì ṣòroó mọ̀, torí pé ẹ̀ka tí a fi ń dán an wò kì í ṣe ẹ̀ka tó mọ́. Nítorí náà ẹ máa fi ẹ̀ka tí ohun tí ẹ ń wá kò sí dán atọ́ka yín wò pẹ̀lú.

Ìbéèrè mìíràn tún wà tí ó fo òpó àárín: ẹ̀ka 7, oṣù kẹta, ipò yòówù kó jẹ́. Pẹ̀lú `(eka, ipo, akoko)`, ẹ̀ka nìkan ló dín ibi kíkà kù; kọ̀ǹpútà á ka 600,000 tí ẹ̀ka keje ní láti ọdún méjì láti mú 25,000 jáde. Nítorí ipò kò ju mẹ́ta lọ, ọgbọ́n kan wà: ẹ dárúkọ gbogbo wọn.

```sql
AND ipo IN ('pe', 'duro', 'yato')
```

Gbólóhùn yẹn kò yọ nǹkan kan kúrò, ṣùgbọ́n ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìdọ́gba mẹ́ta ni, á sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á ka oṣù kẹta nínú agbo kọ̀ọ̀kan. PostgreSQL 18, tó jáde ní ọdún 2025, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ wọn. Ó ń fò láti iye kan dé òmíràn nínú òpó tí ìbéèrè kò mẹ́nu bà. Oracle ti ní irú fífò bẹ́ẹ̀ tipẹ́, MySQL náà sì ní in láti 8.0.13, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ ní ìdíwọ̀n púpọ̀. Ẹ má fi fífò yìí ṣe àwáwí fún ètò tí kò dára o. Ó dùn bí iye inú òpó tí a fò bá kéré. Bí òpó tó ṣíwájú bá jẹ́ àkókò tó ń lọ dé ìṣẹ́jú àáyá, ibi tí yóò fò sí fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ìlà tí ó ń sá fún.

Ẹlòmíràn á ní, kí ló dé tí a kò kàn kọ́ atọ́ka mẹ́ta mẹ́rin, kí gbogbo ètò wà níbẹ̀? Ẹ rántí pé gbogbo owó tí alájọ bá tẹ̀ ní láti wọ inú atọ́ka kọ̀ọ̀kan, ní ojú rẹ̀ gan-an. Ní PostgreSQL, ọ̀rọ̀ ipò tilẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí àkọsílẹ̀ bá kúrò ní "duro" tó di "pe", bí atọ́ka kankan bá lo òpó ipò, gbogbo atọ́ka tó wà lórí tábìlì náà ló máa gba ìlà tuntun, tó fi mọ́ àwọn tí ipò kò sí nínú wọn. Òpó tó ń yí padà lójoojúmọ́ ní owó orí. Mo gbà kí ipò wọ atọ́ka níbí nítorí pé ó sọ ojú ìwé 100 di 5. Bí ó bá jẹ́ pé 8 ló sọ di 5, n kì bá fi kún un.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo kọ́ `atoka_b` pẹ̀lú `CREATE INDEX CONCURRENTLY`, kí àwọn alájọ lè máa tẹ owó wọn lọ nígbà tí atọ́ka ń kọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn kúrò, PostgreSQL á dá ìkọ̀wé sínú tábìlì dúró títí yóò fi tán. Mo kọ́ `(eka, akoko)` fún ojú ìwé àárọ̀ àti fún ìbéèrè tí kò mẹ́nu ba ipò, torí ẹ̀yà PostgreSQL tí wọ́n ń lò kò tíì tó 18. Ó wá ku `atoka_a`. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fẹ́ ká pa á rẹ́ ní ọjọ́ náà.

"Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, sà, kò wúlò mọ́," ó ní.

Mo ní kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dátábéèsì fúnra rẹ̀. PostgreSQL ń ka iye ìgbà tí wọ́n bá lo atọ́ka kọ̀ọ̀kan:

```sql
SELECT indexrelname, idx_scan
FROM pg_stat_user_indexes
WHERE relname = 'isanwo';
```

A kọ iye tó jáde sílẹ̀, a fi í sílẹ̀ títí oṣù tó tẹ̀ lé e fi parí, a sì tún wò ó. Iye `atoka_a` ti lé sí i. Ìwé ìròyìn gbogbo ẹ̀ka, èyí tí olú ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ jáde ní òpin oṣù, ló ń lò ó: láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn, láìdárúkọ ẹ̀ka, láìdárúkọ ipò. Fún ìbéèrè yẹn, àkókò síwájú ló tọ́, òpó méjì tó tẹ̀ lé e kò sì ṣe nǹkan kan fún un ju pé wọ́n mú atọ́ka náà sanra lọ. A kọ́ `(akoko)` nìkan rọ́pò rẹ̀, a dúró títí ìwé ìròyìn oṣù kan fi jáde láti orí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a tó pa `atoka_a` rẹ́.